Àtẹ̀jíṣẹ́ Tí Mo Jẹ́ Kó Lọ Láì Béèrè

Iṣẹ́ àkọsílẹ̀ ni mò ń ṣe ní ilé ìtọ́jú kékeré kan ní Ìwó. Èmi ni mò ń kọ orúkọ, tí mò ń wá káàdì, tí mò ń sọ fáwọn ìyá ọlọ́mọ pé kí wọ́n jókòó, tí wọn ò ní jókòó. Nígbà tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wá fún wa, èmi ni wọ́n ní kí n máa bójú tó o, torí pé nínú gbogbo wa, èmi nìkan ni n kì í fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀wé.

Torí àtẹ̀jíṣẹ́ ni wọ́n ṣe gbé e wá. Láràárọ̀, ètò inú ẹ̀ á yẹ ìwé gbogbo àwọn tó yẹ kó padà wá wò, á sì kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sílẹ̀ fún kálukú. Àwọn kan wà tó ń fi ránṣẹ́ fúnra ẹ̀ láì bi ẹnikẹ́ni: abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọjọ́ tí wọ́n máa wọn ọmọ. Bí irú ìyẹn bá ṣìnà dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì, onítọ̀hún á pa á rẹ́, ó parí. Àwọn kan sì wà tó máa ń dá dúró. Á tò wọ́n sójú kan, á kọ ìdí tó fi dá wọn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, á wá máa retí kí èèyàn sọ pé kó lọ tàbí kó má lọ. Èsì àyẹ̀wò wà nínú wọn. Abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí náà wà nínú wọn.

Ọkùnrin tó ti Òṣogbo wá kọ́ wa ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa. Ó ní, "Ohun méjì ni kẹ́ ẹ máa bi ara yín. Tó bá ti lọ, ṣé ẹ lè pè é padà? Tó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ, ta ló máa jìyà ẹ̀? Tí ìdáhùn yẹn bá ń bà yín lẹ́rù, ẹ lọ bi ẹni tó mọ aláìsàn náà. Ẹ má ṣe bí ẹni pé ẹ mọ̀ ọ́n."

Ẹni tó mọ̀ wọ́n ni nọ́ọ̀sì tó ń gún abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Àgbàlagbà ni wọ́n, ó kù díẹ̀ kí wọ́n fẹ̀yìn tì, orúnkún sì ń dùn wọ́n. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta làwọn obìnrin ń padà wá gba abẹ́rẹ́ náà, kò sì sẹ́ni tí wọn ò mọ ìtàn ẹ̀ nínú wọn. Níbẹ̀rẹ̀, tí mo bá gbé àkójọ àwọn tó ń dúró lọ bá wọn láàárọ̀, wọ́n á wọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n á wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Èyí, fi ránṣẹ́. Èyí, fi ránṣẹ́, ọkọ ẹ̀ ló ń gbé e wá. Èyí, má dán an wò. Èmi fúnra mi máa rí i lọ́jà."

Láàárín oṣù méjì, àkójọ náà gùn. Nígbà tó yá, wọn ò wọ gíláàsì mọ́. Wọ́n á na ọwọ́ sí mi láì wojú mi, wọ́n á ní, "Fi ránṣẹ́, fi ránṣẹ́." Èmi náà mọ̀ pé wọn ò kà á. Mo ṣáà ń gbé e lọ.

Lọ́jọ́ kan tó jẹ́ ọjọ́ àjẹsára, tí èrò kún títí dé ẹnu ọ̀nà, mo tún gbé e dé. Wọ́n ń gún ọmọ kan lábẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ṣé gbogbo nǹkan ni wàá máa bi mí ni? Kí ni wọ́n gbà ẹ́ síṣẹ́ fún? Ṣé orí tó wà lọ́rùn ẹ kì í ṣe tìẹ ni?"

Àwọn ìyá ọlọ́mọ rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn, tí mo ti lé padà sórí bẹ́ǹṣì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, rẹ́rìn-ín jù.

Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà. Lábẹ́ ibi tá a ti ń tẹ "Fi ránṣẹ́" àti "Má fi ránṣẹ́", àpótí kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ sí pé kó má béèrè mọ́ nípa irú èyí. Mo tẹ̀ ẹ́. Ètò náà tún bi mí bóyá ó dá mi lójú, pé látòní lọ gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí á máa lọ fúnra wọn. Mo tẹ̀ pé ó dá mi lójú. Lójú mi, mo ń gbẹ̀san lára wọn ni. Mo fẹ́ kó jẹ́ àwọn ni wọ́n máa wá bi mí pé àkójọ òní dà.

Wọn ò béèrè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò sẹ́ni tó bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ọkùnrin kan wọlé pẹ̀lú ìyá ẹ̀. Olùkọ́ ni, aṣọ ẹ̀ mọ́, ohùn ẹ̀ sì tutù. Ó kí mi pé, "Ẹ kú iṣẹ́, mà," ó sì gbé fóònù ẹ̀ síwájú mi. Mo kà á. Àtẹ̀jíṣẹ́ náà ní ọjọ́ abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí yín á pé ní Ọjọ́bọ̀, kí ẹ mú káàdì yín dání.

Ó ní, "Mi ò rò pé èmi ni ẹ fẹ́ gún lábẹ́rẹ́. Ṣé ti ìyàwó mi ni?"

Mo mọ ìyàwó ẹ̀. Ó ń ta aṣọ lọ́jà, ọmọbìnrin mẹ́ta ló bí fún un. Nígbà tó bí ìkẹta, ẹ̀jẹ̀ ò dá, Òṣogbo ni wọ́n sáré gbé e lọ, dókítà ibẹ̀ sì kìlọ̀ fún un pé kó má tún lóyún mọ́. Ọkọ gbọ́ ìkìlọ̀ náà, ó ní ọwọ́ Ọlọ́run ló wà. Obìnrin yìí kò bá a jiyàn. Ó kàn ń wá sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, á fi káàdì ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa kó má baà délé. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ọkọ ẹ̀ ni wọ́n kọ sílẹ̀ nígbà tó ń gba ìtọ́jú oyún, ibẹ̀ sì ni ètò náà ti mú un.

Nígbà tí ọkọ bi mí, mo rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì, sà."

Ó mú fóònù ẹ̀ padà. Ó ní, "Ó ti tó, mà. Tí kì í bá ṣe tiẹ̀ ni, ẹ ò bá ti sọ pé kì í ṣe tiẹ̀."

Ọdún méjì ni ìyá ẹ̀ fi ń gbààwẹ̀ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ torí ìyàwó yìí, kó lè lóyún ọkùnrin. Wọ́n gba hàǹtú, omi tí wọ́n fi fọ ọ̀rọ̀ Kùránì kúrò lára wàláà, lọ́dọ̀ àfáà, wọ́n ń dúró tì í títí á fi mu ún tán. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń sunkún, omijé sì ń ṣàn gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Ní àkókò yẹn, àwọn gan-an ni mo káàánú.

Ọkọ ò na ìyàwó ẹ̀. Ó kó aṣọ obìnrin náà sínú àpò méjì, ó pe ọlọ́kadà, ó san owó ẹ̀ dé Olúpọ̀nnà níbi tí bàbá ẹ̀ ń gbé, ó ní kó fi àwọn ọmọ sílẹ̀. Ìyá ọkọ lọ sídìí ìsọ̀ ìyàwó, wọ́n dúró láàárín ọjà, wọ́n sọ ọ́ kí gbogbo ayé gbọ́. Àwọn obìnrin tó jẹ́ pé mẹ́ta nínú wọn ní káàdì lọ́dọ̀ wa pàtẹ́wọ́, wọ́n ní kò sóhun tójú ò ní rí. Wọ́n sọ ìyàwó náà ní Alábẹ́rẹ́.

Ìyàwó náà wá sọ́dọ̀ wa lọ́sẹ̀ kejì. Kò pariwo. Ó bi nọ́ọ̀sì pé, "Mà, ta ló fi ránṣẹ́ sí i?"

Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ̀rọ ni."

"Ẹ sọ fún mi pé ẹ óò máa bi mí kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun."

Nọ́ọ̀sì wo ọ̀dọ̀ mi. Èmi ń to káàdì. Mò ń tò ó bíi pé wọ́n fẹ́ kà á.

Mátírọ̀nì tó jẹ́ ọ̀gá wa ṣèwádìí. Ètò náà kì í gbàgbé. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé orúkọ mi ni wọ́n fi tẹ àpótí náà, ọjọ́ tí mo tẹ̀ ẹ́, wákàtí tí mo tẹ̀ ẹ́. Mátírọ̀nì bi mí pé ta ló ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ní kí n yéé bi àwọn, mà."

Nọ́ọ̀sì ní, "Mo bínú sí i. Mi ò ní kó máa fi ránṣẹ́ láì béèrè." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá ọlọ́mọ ti gbọ́ ìbínú wọn, kò sì sẹ́ni tó rí ìka mi. Wọ́n gbé nọ́ọ̀sì lọ sí ilé ìtọ́jú tó wà ní Kuta, wọ́n ń fi orúnkún yẹn wọ ọkọ̀ lójoojúmọ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Èmi jókòó sídìí kọ̀ǹpútà mi. Mo yọ àmì inú àpótí náà kúrò, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àkójọ lọ bá nọ́ọ̀sì tuntun. Kò bínú rárá, ó ń kà á.

Ní nǹkan bí oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, wọ́n parí ìjà fún tọkọtaya náà. Ohun tí ọkọ béèrè ò ju pé kí ìyàwó jáwọ́ nínú abẹ́rẹ́. Obìnrin náà fẹ́ àwọn ọmọ ẹ̀, ó padà. Kò pẹ́ tó fi wá forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú oyún lọ́dọ̀ mi. Mo bi í pé nọ́ńbà wo ni ká kọ.

Ó ní, "Ẹ kọ ti ọkọ mi. Kò sóhun tí mo tún ń fi pamọ́."

Mo fẹ́ sọ fún un pé èmi ni. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Mo ní, "Kí ni wọ́n kọ sórí káàdì àtijọ́ nípa ẹ̀jẹ̀ yẹn?" Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ní káàdì." Mo kọ ọ́ gàdàgbà sójú ìwé pé ẹ̀jẹ̀ ti ya lára ẹ̀ rí nígbà ìbímọ. Ohun tí mo lè ṣe nìyẹn, mo sì ṣe é dáadáa.

Òṣogbo náà ló tún bí i sí. Ẹ̀jẹ̀ ò dá. Wọ́n yọ ilé ọmọ ẹ̀ kí wọ́n tó rí ẹ̀mí ẹ̀ gbà là. Obìnrin lọmọ náà. Kí ìyá náà tó lè dìde rìn dáadáa, ọkọ ẹ̀ ti fẹ́ ìyàwó mìíràn.

Ìyá ọkọ ni wọ́n gbé ọmọ náà wá fún àjẹsára, torí ìyá ẹ̀ ò tíì lágbára. Wọ́n rí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan kalẹ̀ síwájú mi, ó pọ́n dáadáa.

Wọ́n ní, "Tìẹ nìyẹn, ọmọ mi. Ìwọ ni Ọlọ́run lò fún wa lọ́jọ́sí. Tí kì í bá ṣe ìwọ, ọmọkùnrin mi ìbá ṣì máa gbé nínú irọ́."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà sábẹ́ tábìlì, mo sì bi wọ́n ní orúkọ ọmọ kí n lè kọ ọ́ sílẹ̀.