Ìgbájú Kọ́ Ni Oògùn Akólòlò

Wúlẹ̀mọ̀tù, tó ń ta obì ní Ṣàgámù, fi ìbínú wọ kíláàsì. Tíṣà ti gbá ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́rin, Raqeebah, lẹ́nu torí pé ó ń kólòlò.

"Tíṣà, ṣé ìgbájú ni wọ́n fi ń wo akólòlò?"

Nígbà tí ọmọ náà kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò, nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn ní kí Wúlẹ̀mọ̀tù ní sùúrù, pé ti ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń lọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá lé lọ́dún kan, tàbí tí ọmọ ń jìjàkadì kó tó sọ̀rọ̀, kó mú un wá. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Láti ilé ìwé, Wúlẹ̀mọ̀tù mú un lọ bá nọ́ọ̀sì náà, ẹni tó kọ ìwé fún wọn sí onímọ̀ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ.

Lọ́nà ilé, Raqeebah ní, "Mọ́-mọ́-mọ́mì, tí-tí-tíṣà burú."

Wúlẹ̀mọ̀tù kò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ń wojú rẹ̀ títí ó fi parí.

"Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi."