Ohun Tó Kù Nínú Ike

"Ẹ kó gbogbo ẹ̀ dà nù!"

Inú ń bí ọ̀gá ìdáná ilé-ìwòsàn náà. Ogún ike oúnjẹ ni ọbẹ̀ tòmátì ti pa láró, inú wọn pọ́n bí ọsàn, òórùn àlùbọ́sà ò sì kúrò lára wọn. Òun fúnra rẹ̀ ti fi kànrìnkàn onírin ha wọ́n títí apá fi ń ro ó. Pàbó ló já sí.

Ìyá Fọ̀ọ́mọ́, àgbàlagbà tó ń fọ abọ́ níbẹ̀, ò bá a jiyàn. Ó bu òróró, ó fi ń pa inú ike.

"Òróró kẹ̀, Mọ́mì? Ṣebí ọbẹ̀ olóròóró ló kó bá wa!"

"Òróró ló gbé pupa yẹn wọlé, ọ̀gá mi. Òun náà ni yóò gbé e jáde."

Ó fi pépà nù ún, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó wá ṣí ike sílẹ̀ sínú oòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ó rún ìwé ìròyìn sínú wọn, ó dé wọn mọ́jú kó lè fa òórùn.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ọ̀gá mú ike kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ṣebí tuntun ni, ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn tuntun ti dé! Ẹ bá mi tọ́jú wọn o."

Ìyá Fọ̀ọ́mọ́ rọra yí ike náà sí ìmọ́lẹ̀. Ojú ibi tí kànrìnkàn ti ha á hàn kedere.

"Ti ọbẹ̀ ti lọ, ọ̀gá mi," ló wí. "Tọwọ́ yín ló kù."