Bàbá Ìbejì Nínú Ìwé Àdéhùn Ilé

Ọmọbìnrin tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé lẹ́bàá ọjà ní Igbó-Ọrà kì í tẹ ìwé àdéhùn ilé tuntun. Ti ayálégbé àtijọ́ ló máa ń ṣí, á yí ojú ewé kìíní padà, ó parí. Bó ṣe tẹ tèmi náà nìyẹn. Orúkọ mi wà lókè, àmọ́ níbi tí wọ́n ti sọ ẹni tí yóò máa tún ilé ṣe, orúkọ ẹni tó ti kó jáde ló wà níbẹ̀. Owó ilé jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́sàn-án náírà lójú ewé kìíní. Lójú ewé kejì, ó di ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ. Oṣù kẹta ọdún yìí ni mo máa wọlé, oṣù kejìlá ọdún tó kọjá ni àdéhùn sì máa parí. Wọ́n ti lé mi jáde kí n tó kẹ́rù dé.

Mo fa ìlà sábẹ́ gbogbo rẹ̀. Ó tún orúkọ àti owó ṣe, ó fi ọjọ́ sílẹ̀. Mo dá a padà. Ó tún ọjọ́ ṣe, ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé níbi ìbuwọ́lùwé, Bàbá Ìbejì ló tẹ̀ dípò orúkọ onílé tó wà lókè.

Inú ti ń bí bàbá onílé tó jókòó tì wá. "Tíṣà, ta ni ò mọ̀ mí nílùú yìí?"

"Bàbá, Bàbá Ìbejì mélòó ló wà ládùúgbò yín nìkan?"

Ọmọbìnrin náà tún un tẹ̀. Mo kà á látòkè délẹ̀, gbogbo rẹ̀ bára mu wàyí. Mo na bírò sí bàbá. Wọ́n tẹ̀ba, wọ́n rọra ń kọ ọ́ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sórí ìlà ìbuwọ́lùwé: Bàbá Ìbejì.