Lẹ́tà Kúrúnà Ọmọ Wa

Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tí ọmọ mi obìnrin fẹ́ ṣe ìdánwò àtiwọ sẹ́kọ́ńdìrì ni wọ́n dá a padà sílé pẹ̀lú ìwé péńpé kan. Ọ̀gá ilé ìwé wọn, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín sí òbí, ló kọ ọ́. Ó ní kúrúnà ti bo ọwọ́ ọmọ náà. Kò gbọ́dọ̀ padà sáàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ àfi tí a bá mú lẹ́tà wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, tí yóò sọ pé wọ́n ti fún un lóògùn, àti pé àrùn náà ti wà níkàáwọ́. Sátidé ni ìdánwò, ilé ìwé náà gan-an ni wọ́n sì ti máa ṣe é. Bí kò bá ṣe é lọ́jọ́ náà, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Mo ti ń rí i tó ń họ ara láti ìgbà tó ti dé láti ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Ìjàyè, níbi tí ọmọ mẹ́fà ti ń sùn lórí ẹní kan. Mo fi àdí pa á lára, mo fi ọṣẹ dúdú wẹ̀ ẹ́, mo sì bú u pé ọ̀bùn ni. Títí dòní, ìyẹn ṣì ń dùn mí.

Lọ́jọ́ kejì mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ wa, ní ìlú kékeré kan lọ́nà Erunmu. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ wo àárín ìka rẹ̀, ó wo ọrùn ọwọ́, ó wo ìbàdí, ó ní kúrúnà ni lóòótọ́. Ó ní kòkòrò kan tí ojú kò lè rí ló ń gbẹ́ ihò sábẹ́ awọ, pé ara tó bá fara kan ara ló ń mú un ràn, kì í ṣe ìwà ọ̀bùn. Ó gbé oògùn funfun kan fún wa, ó ní kí n fi omi là á fún àwọn ọmọ. Ó wá ka òfin rẹ̀ sí mi létí: gbogbo ẹni tó ń gbé inú ilé ni yóò fi para lọ́jọ́ kan náà, láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, ìbáà yún un, ìbáà má yún un. Aṣọ àti aṣọ ìbora, kí a fọ gbogbo rẹ̀, kí a sì sá a sóòrùn. Kí n padà wá lọ́jọ́bọ̀ fún lẹ́tà.

Èmi para. Ọmọ náà para, àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì para, wọ́n ń fò káàkiri ilé nítorí oògùn náà ń ta bí ata. Ó ku ọkọ mi. Akọ̀wé ni ọkọ mi níléeṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn, òun ló sì máa ń ka ẹ̀kọ́ kìíní ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní irú òun kì í ní kúrúnà. Mo ní kí ló dé tó ń họ ọwọ́ bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Ó ní ooru ni. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bínú, mo gbé ìgò oògùn náà síwájú oúnjẹ rẹ̀. Ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó jẹun.

Lọ́jọ́bọ̀, nọ́ọ̀sì béèrè bóyá gbogbo ilé ló para. Mo wo ojú ọmọ mi, mo rántí Sátidé, mo ní gbogbo wa ni. Ó jókòó, ó kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwé, ó lu òǹtẹ̀ sí i: pé kúrúnà ni, pé wọ́n ti tọ́jú ọmọ náà àti gbogbo ará ilé rẹ̀, pé kò lè ràn mọ́. Ó fi kún un pé ara lè máa yún ọmọ náà fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin sí i, pé ìyẹn kò fi hàn pé kòkòrò ṣì wà láàyè.

Bí nǹkan ṣe rí nílé wa nígbà náà, bàbá ló ń mú lẹ́tà lọ bá ọ̀gá. Ọkọ mi wọ kóòtù, ó ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó yin gẹ̀ẹ́sì nọ́ọ̀sì. Ibi tí wọ́n ti kọ gbogbo ará ilé, ó kà á kọjá bí ẹni pé ilé ẹlòmíràn ni. Ó fa ọmọ lọ́wọ́, wọ́n lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ọmọ ló ròyìn rẹ̀ fún mi. Ọ̀gá ilé ìwé ń ka lẹ́tà, ọmọ wa ká ọwọ́ sẹ́yìn, kò mira. Bàbá rẹ̀ ló ń họ. Ó họ àárín ìka, ó họ ọrùn ọwọ́, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ kóòtù. Obìnrin náà gbé ojú sókè.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà,” ó ní, “ẹ jẹ́ kí n rí ọwọ́ yín.”

Ó rí i. Ó ká lẹ́tà náà, ó dá a padà fún un, ó ní òun kò ní gba ìwé tí kò jọ ohun tí ojú òun ń rí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tó wákàtí mẹ́ta.

Mo sáré padà lọ bá nọ́ọ̀sì, mo jẹ́wọ́. Mo rò pé yóò pariwo lé mi lórí, kò pariwo.

“Ọwọ́ mi lẹ fi kọ irọ́ yẹn, mà,” ó ní.

Ojú tì mí débi pé n kò mọ ibi tí mo lè gbé e sí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó wá sílé wa pẹ̀lú ìgò oògùn, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, ó ní òun kò ní kọ òmíràn àfi tí òun bá fojú ara òun rí i. Ọkọ mi, ọmọ ìjọ pàtàkì, dúró pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé, ó ń fi oògùn para láti ọrùn wálẹ̀, nọ́ọ̀sì sì ń tọ́ka síbi tó fò. Èmi kọjú sí ògiri kí ọkọ mi má baà rí ẹ̀rín mi. Gbogbo wa tún para, a tún fọ gbogbo aṣọ. Nígbà tí ó fi di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí ọkọ mi pẹ̀lú ti para lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́tà tuntun ti dé ọwọ́ ọ̀gá ilé ìwé.

Láàárọ̀ Sátidé, àwọn òbí pọ̀ lójú fèrèsé kíláàsì, ìdajì wọn ọmọ ìjọ wa. Ọmọ wa jókòó, ó mú bírò, ó sì họ ọwọ́. Ìyá kan ké sí ọkùnrin tí wọ́n rán wá láti sẹkitéríàtì láti bójú tó ìdánwò pé kí ó yọ ọmọ náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ òun. Ọkùnrin náà ti ń rìn lọ síbi tó jókòó.

Ọ̀gá ilé ìwé yọ lẹ́tà náà nínú báàgì rẹ̀. Ó kà á sókè, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá fún gbogbo wa: wọ́n ti tọ́jú ọmọ yìí, kò lè ràn mọ́, ara rẹ̀ ṣì lè máa yún un. Ó wá dé ìlà tó kẹ́yìn, kò sì fò ó: pé bàbá rẹ̀, tó ní kúrúnà tirẹ̀, ti fi oògùn para lójú nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀.

Gbogbo ojú yí sí ọkọ mi. Ìyá náà béèrè bóyá òótọ́ ni. Mo mọ ọkùnrin tí mo fẹ́, mo rò pé yóò pẹ̀yìn dà, yóò máa lọ sílé. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó tún ọrùn kóòtù rẹ̀ ṣe, ó sì fi ohùn tó fi ń ka ẹ̀kọ́ kìíní dáhùn.

“Òótọ́ ni,” ó ní. “Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo para. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mi ṣe ìdánwò rẹ̀.”