Àpótí Tó Ṣófo Lórí Fọ́ọ̀mù Àlàájì

Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Ìdèrè, àgbẹ̀ ni, Àlàájì là ń pè é. Èmi lọ sí yunifásítì, òun lọ sóko, síbẹ̀ èmi ló máa ń pè ní ọ̀lẹ. Nígbà tí ojú ọ̀tún rẹ̀ ṣú, wọ́n ní kó wá ṣe iṣẹ́ abẹ ní Ìgbó-Ọrà. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń gbé Ìbàdàn bá a kún fọ́ọ̀mù lórí fóònù, ó sì fi àwòrán fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́ sí mi: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á fún bàbá mi. Tí kò bá sí àṣìṣe, màá fi ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn.”

Àlàájì wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Mo fi ìka méjì fa àwòrán náà kó tóbi. Àpótí kéékèèké ló wà níwájú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n bá yàn á di búlúù, máàkì funfun á sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tiwa, bírò là ń fi máàkì fọ́ọ̀mù ní yunifásítì, gbogbo ìka wa á sì dúdú fún yíǹkì. Ó wù mí kí n tún rí irú ìka bẹ́ẹ̀.

Mo kà á fún un: “‘Ojú ọ̀tún’, ọmọ rẹ máàkì ẹ̀. ‘Ojú òsì’, ó ṣófo. Àìsàn mìíràn tó wà lára: ‘Ẹ̀jẹ̀ ríru’, ó ṣófo. ‘Àtọ̀gbẹ’, ó ṣófo. ‘Ikọ́ fée’, ó ṣófo. ‘Kò sí ìkankan’, ó máàkì ìyẹn.”

“Gbogbo ẹ̀ ṣófo báyẹn, bí oko ọ̀lẹ? Ní kó máàkì wọn, kí wọ́n má rò pé a ò parí iṣẹ́.”

“Tó bá máàkì gbogbo ẹ̀, dókítà ò ní fọwọ́ kàn ọ́.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni mo rí páálí oògùn tó yọrí nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀.

“Àlàájì, oògùn kí nìyẹn?”

“Ṣé o ò mọ̀ ọ́n ni? Irú èyí tí ìwọ náà ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru ni.”

“Kí ló dé tí o ò sọ fún ọmọ?”

“Ó bi mí bóyá mo ní àìsàn, mo ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ṣé ẹnu ara mi ni n ó fi pe àìsàn mọ́ra?”

Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe ń dáhùn tí wọ́n bá bi mí nípa ara mi.

“Bí wọ́n bá wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ lọ́jọ́ náà tó sì ga, wọ́n lè dá ọ padà sílé pẹ̀lú ojú tó ṣú yẹn.”

Ó ní, “Ó dáa, ìwọ bá mi sọ ọ́.”

Mo pe ọmọ náà. “Máàkì ẹ̀jẹ̀ ríru, kí o sì yọ máàkì kúrò lára ‘Kò sí ìkankan’. Àwọn méjèèjì ò lè jọ wà.”

“Bàbá mi tó ní ara àwọn le bí òkúta?” Ẹ̀rín ń pa á.

Kò pẹ́ tí àwòrán tuntun fi dé. Mo tún kà á láti òkè: “‘Ẹ̀jẹ̀ ríru’, ó ti máàkì ẹ̀. ‘Àtọ̀gbẹ’ àti ‘Ikọ́ fée’ ṣófo síbẹ̀. ‘Kò sí ìkankan’, ó ti ṣófo.”

“Kó máa fi ránṣẹ́,” ni Àlàájì wí. “Ṣùgbọ́n sọ fún un pé ìwọ lo sọ ọ́ o. Èmi ò sọ nǹkan kan.”