Okùn, Àtẹ̀gùn, Kẹ̀kẹ́ àti Orúnkún Màmá Mi

Ẹ jẹ́ kí n yáa sọ ọ́ kí ayọ̀ tó pa mí: màmá mi ti ń gun kẹ̀kẹ́! Màmá mi o! Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ìjọba gbé wá sí Ṣábẹ̀ẹ́ láti gúúsù lọ́hùn-ún nígbà tí mo ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, tí kò sì lè lọ ra iyọ̀ ní ìkóríta láì gun moto, ìyẹn alùpùpù rẹ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé, èémí màmá ń já. Á kọ ìlà kan sójú pátákó, á fọwọ́ ti ògiri, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, àwọn ọmọ á sì máa kí i kú iṣẹ́. Ni dirẹkitọ̀, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wọn, bá pè é, ó ní, "Màdámù, ẹ jẹ́ ká gbé yín kúrò ní kíláàsì. Ẹ wá jókòó ní bíró, ẹ máa bá wa to ìwé." Màmá délé, kò jẹun. Iṣẹ́ tó fẹ́ràn jù láyé ni kó dúró níwájú àwọn ọmọ kékeré, kó máa pariwo lé wọn lórí.

Nígbà tó lọ sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì wọn tánsíọ̀n rẹ̀, ìyẹn ìfúnpá rẹ̀, ó ní ó ga. Ó ní kó máa lo oògùn rẹ̀ déédéé, kó sì máa ṣe eré ìdárayá tí ọkàn á fi ṣiṣẹ́, kó padà wá ní ìparí tírìmẹ́tà, ìyẹn sáà ẹ̀kọ́ náà. Dirẹkitọ̀ ní òun á dúró de ìgbà yẹn kóun tó gbé e kúrò ní kíláàsì. Ìdààmú kan ṣoṣo ló kù: orúnkún ọ̀tún màmá máa ń dún bíi bisikíìtì tí wọ́n ń rún.

Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba BAC, ìwé ẹ̀rí àṣejáde kọ́lẹ́jì, mo ní ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Mo wò ó lórí tẹlifóònù: okùn fífò ló ń jó kalorí jù ní ìṣẹ́jú kan. Okùn ọ̀fẹ́ sì wà! Mo gé okùn kànga tó ti gbó, màmá bá bẹ̀rẹ̀ sí í fò lẹ́yìnkùlé. Gbì! Gbì! Gbì! Ìyá tó ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ wa ké láti orí ògiri pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o! Iyán òní á mà pọ̀ o!"

Ọwọ́ ni màmá jù sí i. Kò léèémí tó fi máa dáhùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, orúnkún rẹ̀ ti wú.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ogún mi lo fẹ́ jẹ ni?"

A sinmi títí ìwú náà fi lọ sílẹ̀. Mo ní ó dáa, àtẹ̀gùn ńkọ́? Òun náà ọ̀fẹ́ ni. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà ní kọ́lẹ́jì tí mo ti jáde, a sì lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Màmá gùn ún! Ó rọra gùn ún dókè, òógùn bò ó, ó ń rẹ́rìn-ín, mo pàtẹ́wọ́. Ó wá yí padà pé kóun sọ̀kalẹ̀. Ẹsẹ̀ kan péré ló gbé sílẹ̀ tó fi pariwo, ló bá di irin mú, ó ní òun ò lọ mọ́.

"Màmá, ẹ sọ̀kalẹ̀."

"N ò sọ̀kalẹ̀. Gbé oúnjẹ wá fún mi níbí."

Ẹni tó gbà wá ni prọfẹsọ̀, ìyẹn olùkọ́ tó kọ́ mi ní eré ìdárayá ní kọ́lẹ́jì náà, tó wá kó bọ́ọ̀lù. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, a rò ó fún un látorí okùn, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, "Màdámù, gígùn ún kọ́ ló burú jù. Àtẹ̀gùn ń jẹ agbára dáadáa, torí ara yín lẹ ń gbé lọ sókè. Àmọ́ nígbà tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, kalorí díẹ̀ lẹ ń jó, orúnkún ló sì ń gba gbogbo ìwúwo náà. Ibi tí lífítì, ẹ̀rọ tó ń gbéni sókè sódò, bá wà, èèyàn lè fẹsẹ̀ gùn ún lọ, kí lífítì gbé e sọ̀kalẹ̀."

Màmá wò yí ká. "Lífítì wo ló wà ní Ṣábẹ̀ẹ́?"

"Ẹ̀yin náà rí i. Ti okùn, ó ju gbogbo wọn lọ ní ìṣẹ́jú kan, òótọ́ lọmọ yín sọ. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mélòó lẹ fò?"

Màmá wò mí. Mo wo òkè.

"Ẹ fò díẹ̀, ẹ dúró, orúnkún wú. Kẹ̀kẹ́ jẹ́jẹ́ ò jó tó bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, àmọ́ ẹ lè wà lórí rẹ̀ pẹ́, torí ìjókòó ló ń gbé yín, ilẹ̀ kì í gbá orúnkún. Tí ẹ bá pẹ́ lórí rẹ̀, ohun tẹ́ ẹ jó á ju ti okùn yẹn lọ. Ẹ gùn ún débi tí ẹ á fi lè máa sọ̀rọ̀, tí ẹ ò ní lè kọrin, ibẹ̀ ló dáa."

Ẹ̀yìn ni màmá fi rìn sọ̀kalẹ̀, prọfẹsọ̀ níwájú, èmi lẹ́yìn, bí ẹni ń gbé kọ́bọ́ọ̀dù.

A gba kẹ̀kẹ́ ògbólógbòó lọ́wọ́ ìbátan wa, a sì ní kí wọ́n bá wa lẹ táyà rẹ̀. Màmá ti gùn ún nígbà èwe, ara rẹ̀ rántí kíá. Ìjà wa kò ju ti ìjókòó lọ: ó fẹ́ kó wálẹ̀ kẹ́sẹ̀ rẹ̀ lè kanlẹ̀. Prọfẹsọ̀ ní rárá, bó bá wálẹ̀ jù, orúnkún á máa ká jù, á dùn ún. Ó ní kí ẹsẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán bí pẹdáàlì bá dé ìsàlẹ̀. A gbé e sókè, a sì ń gba ojú ọ̀nà tó tẹ́jú.

Orúnkún kò dùn ún! Ọjọ́ ń lọ, kò dùn ún! Àfi àwọn èèyàn ìlú. Màdámù tó ní moto, tó wá ń gun kẹ̀kẹ́? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá wa kẹ́dùn. Ọ̀kan ní, "A gbọ́ pé wọ́n jí moto yín. Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á dá a padà." Ìyá àgbẹ̀ kan lójú ọ̀nà Ofè, tí màmá kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, di iṣu ránṣẹ́ sí wa, iṣu gidi! Ìtìjú mú màmá, ó ní òun ò gun kẹ̀kẹ́ mọ́.

Mo ní, "Ẹ ò ní lọ dúpẹ́ iṣu ni?"

Kò sí bí kò ṣe ní lọ. Èèyàn ò lè jẹ iṣu oníṣu kó má lọ kí i. Ó gun kẹ̀kẹ́, mo gun moto tẹ̀ lé e. Bí ìyá yẹn ṣe rí moto báyìí, ó pariwo: "Wọ́n rí i! Wọ́n rí olè náà!"

Màmá sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀: ẹ kú ilé, ẹ kú oko, ẹ kú oòrùn, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, bàbá ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, ẹ ṣé ẹ ṣé fún iṣu, Ọlọ́run á bù sí i. Ó kí i tán pátá, èémí rẹ̀ kò já! Mo wà lórí moto, mo ń sunkún. Ìyá àgbẹ̀ rò pé ti olè ni mo ń sun, ó ń rẹ̀ mí lẹ́kún.

Ní ìparí tírìmẹ́tà, nọ́ọ̀sì wọn tánsíọ̀n rẹ̀, ó tún un wọ̀n. Ó ní ó ti wálẹ̀, kó má dá oògùn dúró o, àmọ́ òun ò fi kún un. Kó máa bá kẹ̀kẹ́ lọ, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ìwé náà ni màmá gbé lọ fún dirẹkitọ̀ nígbà tí wọ́n wọlé padà. Dirẹkitọ̀ kà á, ó ní ọ̀rọ̀ bíró ti parí, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nípa kẹ̀kẹ́, èló ni, ṣé kì í dun ìdí.

"Ó máa ń dun ìdí," ni màmá wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa lọ. Àwọn ọmọ ti wà ní kíláàsì, wọ́n ń dúró dè mí."