Ọ̀sán Tí Màmá Rose Fún Kúbúrátù

Kò sí ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì ní agbègbè Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò tíì jẹ iṣẹ́ ọwọ́ Kúbúrátù, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Obìnrin náà ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó sanra díẹ̀, ó fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀, ohùn rẹ̀ sì lè dá oníbàárà dúró láti òdìkejì títì. Ìyá Israfil ni wọ́n ń pè é ní bẹ́kírì Ìbùkúnọlá, níbi tó ti ń po ìyẹ̀fun ní ìdájí, tó sì tún ń ta búrẹ́dì ní ìrọ̀lẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ló ń wù ú: kó parí Àlùkùráànì, kó jókòó láàárín àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣe wòlímọ̀ fún, kó sì ka tirẹ̀ sókè kí etí gbogbo èèyàn gbọ́. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ilé kéú ni wọ́n ń rán àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lọ, oko ni wọ́n ń mú òun lọ. Nítorí náà, nígbà tí Àáfáà Kareem ṣí ilé kéú àwọn ìyá ní Sábó, tí wọ́n ń kàwé láti ẹ̀yìn ìrun Àìlà títí di Alásárì, Kúbúrátù wà lára àwọn tó kọ́kọ́ tẹ́ ẹní.

Àmọ́ iṣẹ́ bẹ́kírì kì í ṣe ọ̀rẹ́ ìwé. Kí àkùkọ tó kọ ni òun àti Ebenezer, Ọlámidé àti Àmọ̀kẹ́ ti máa ń wà nídìí iṣẹ́. Wọ́n á po ìyẹ̀fun, wọ́n á gé e, wọ́n á dì í sínú páànù, wọ́n á dúró kó wú, kí wọ́n tó tì í sínú ààrò. Bí búrẹ́dì bá jáde, ó di dandan kó tutù kí wọ́n tó wé e sínú ọ̀rá, torí èyí tí wọ́n bá wé ní gbígbóná á làágùn, á sì bu. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á lọ sílé. Bó bá di Alásárì, gbogbo wọn á tún padà wá ta búrẹ́dì ìrọ̀lẹ́ títí ìrun Ìṣái á fi kọjá.

Lójú Màmá Rose tó ni bẹ́kírì, ètò náà dára bí ẹní fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n. “Gbogbo ọ̀sán ni mo fún wọn,” ló máa ń wí. Òótọ́ sì ni. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni, kì í ṣe ìkà, kì í sì í pe ẹnikẹ́ni padà síbi iṣẹ́ lọ́sàn-án.

Lọ́jọ́ kan ní ilé kéú, Àáfáà Kareem ní kí Kúbúrátù bá òun tẹ̀síwájú níbi tí ẹnì kejì rẹ̀ kà dé. Kúbúrátù ti ń tòògbé. Ó ṣe bí ẹni gbọ́, ó gbé orí sókè, ó sì fi ohùn tó já gaara wí pé, “Ẹ má tíì wé e o, ó ṣì gbóná.”

Ilé kéú fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ẹ̀rín. Àáfáà pàápàá fi ìwé bojú kí wọ́n má baà rí eyín òun. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Àáfáà sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Ìyá Israfil, orí yín pé, oorun ni ò jẹ́ kí ẹ kàwé. Bó bá ń lọ báyìí, ẹ ò lè bá wọn ṣe wòlímọ̀ ọdún yìí.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dọ́kàn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wòlímọ̀ ti ré e kọjá. Ó gba bẹ́kírì lọ tààrà, ó kúnlẹ̀ kí Màmá Rose, ó ní òun fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Màmá Rose la ẹnu, kò lè pa á dé. “Kí ni mo fi ṣe yín? Ṣebí mo fún yín ní gbogbo ọ̀sán?”

“Ẹ ṣeun, mà. Ẹ fún wa ní ọ̀sán lóòótọ́, òru wa lẹ gbà. Ẹni tó ti ẹnu ìtajà dé lẹ́yìn Ìṣái, tó tún gbọ́dọ̀ débí ní ìdájí, ìgbà wo ló sùn? Ọ̀sán tí ẹ fún wa, oorun òru la fi ń san gbèsè rẹ̀.”

Màmá Rose kò gbà. Ó ní àsọdùn ni. Ó ní òun fúnra òun yóò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí Kúbúrátù sinmi ní tirẹ̀, kí wọ́n wò ó bóyá ó tó ohun tí èèyàn ń torí ẹ̀ fiṣẹ́ sílẹ̀.

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ tí ayé fi rí nǹkan. Níbi ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí Màmá Rose gbàdúrà ìparí. Ó dìde, ó di ojú, ó dákẹ́ pẹ́ títí, àwọn èèyàn rò pé ẹ̀mí ló bà lé e. Nígbà tó máa lajú, ó ní, “Ṣé onísúgà lẹ fẹ́ ni àbí oníbọ́tà?”

Ìyàwó pásítọ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Màmá Rose fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, nítorí kò lè bínú sí ẹnikẹ́ni àfi ara rẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti gun ọ̀kadà lọ bá Kúbúrátù nílé. Kó tó jókòó ló ti wí pé, “Ẹ dákun, Ìyá Israfil, ẹ wá ká jọ tún un tò.”

Wọ́n jókòó pọ̀ ní bẹ́kírì, àwọn mẹ́rin àti ọ̀gá wọn, wọ́n tú ètò náà palẹ̀. Méjì yóò máa wá ní ìdájí. Bí wọ́n bá padà wá ní Alásárì, Mọ̀gàríbì ni wọ́n máa lọ sílé. Méjì yòókù ló máa ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, ó di ìgbà tí oòrùn bá yọ kí wọ́n tó dé, iṣẹ́ wíwé àti gbígbé lọ sọ́jà ló sì máa kàn wọ́n. Ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn lálẹ́ kò gbọdọ̀ fojú kan ààrò ní ìdájí tó tẹ̀ lé e. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n á pààrọ̀.

Ebenezer ní alẹ́ Ọjọ́rú ni àwọn ń ṣe ìdánrawò kọ́áyà, òun ò lè ti ṣọ́ọ̀bù. Àmọ̀kẹ́ ní òun á bá a tì í lọ́jọ́ náà, bó bá ti lè bá òun gbé páànù wúwo. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè. Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀.

Oorun padà sójú Kúbúrátù bí àlejò tó mọ ilé. Ó ń sùn, ó ń jí, ó ń kàwé. Ìwé tó ti ń dà pọ̀ mọ́ra lójú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yàtọ̀ síra, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì ń dúró síbi tó yẹ. Inú rẹ̀ ń dùn débi pé ó ń ké Àlùkùráànì bó bá ń po ìyẹ̀fun, Ebenezer sì ń fi orin ìjọ lé e lábẹ́ láìbìkítà.

Lọ́jọ́ tí Àáfáà fẹ́ yan àwọn tó máa ṣe wòlímọ̀, ó kan Kúbúrátù. Ó ṣí ìwé, ó bẹ̀rẹ̀. Kò kọsẹ̀, kò fa ọ̀rọ̀ gùn níbi tí kò yẹ, ohùn tó fi ń pe oníbàárà rọ̀, ó sì mọ́. Ó ka ibi tí wọ́n yàn fún un tán.

“Ó tó,” ni Àáfáà Kareem wí. “Ẹ ti yege.”

Kúbúrátù gbọ́, ṣùgbọ́n kò dákẹ́. Ó ṣí ojú ewé tó kàn, ó ń kà á lọ, omi ń dà lójú rẹ̀, ojú náà sì là kedere. Àáfáà gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó sì jẹ́ kó máa kà á lọ.